Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹrù láti òkè òkun: ẹ tún ìwé owó ibodè yín ṣírò kí ẹ tó san án

Ẹ̀yin oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ekiti, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáwó jọ ra ẹ̀rọ láti Ṣáínà, mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí ajẹ́ńtì kan tó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, tó sì ti ní oníbàárà ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ mọ̀, nítorí ẹlòmíràn náà lè dá a.

Ẹgbẹ́ aránṣọ kan ní Adó-Ekiti, tí èmi ń bá tọ́jú ìwé owó wọn, ra ẹ̀rọ ìránṣọ ńláńlá ní ọdún 2024. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ajẹ́ńtì yìí ni wọ́n fi kó ẹrù náà wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó fi ìwé ìnáwó ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, ó ní kí a tètè sanwó kí owó ìdádúró má baà gun orí ẹrù. Ìwé náà dára lójú, gbogbo ìlà rẹ̀ ló ní ìdá tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ní àròpọ̀ nísàlẹ̀. Àròpọ̀ náà pé pérépéré, èyí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wo òkè rẹ̀ mọ́.

Ohun tó kọ sókè nìyí. Iye ẹ̀rọ títí dé inú ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ìwé ń pè ní FOB, jẹ́ dọ́là 8,000. Owó ọkọ̀ ojú omi jẹ́ dọ́là 1,500, owó adójútòfò sì jẹ́ dọ́là 100. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dọ́là 9,600, ni wọ́n ń pè ní CIF, òun náà sì ni iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń gbé owó ibodè lé. Ó ṣírò dọ́là kan sí náírà 1,500, gbogbo rẹ̀ sì di náírà 14,400,000. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kọ fún owó ibodè, ìyẹn 1,440,000. Títí dé ibí yìí, kò sí àbùkù kankan.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ẹ ó máa ṣọ́. Ó pè é ní àfikún ìdá 7, ó sì kọ 1,008,000 síwájú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdá 7 ni àfikún èbúté ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n orí owó ibodè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, wọn kì í gbé e lé gbogbo iye ẹrù. Ìdá 7 nínú 1,440,000 kò ju 100,800 lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó mú ìdá tó tọ̀nà, ó sì fi lé iye tí kò tọ̀nà, owó náà wá di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá kàn béèrè pé, "Ṣé ìdá 7 ni lóòótọ́?" yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Ìdá 7 nínú kí ni?"

Àṣìṣe náà kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn owó ibodè àti àfikún, ó kù owó ETLS, owó tí wọ́n ń gbà fún ECOWAS, tí í ṣe ìdàjì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye CIF, èyí jẹ́ 72,000. Àti owó CISS, owó àyẹ̀wò ẹrù, tí í ṣe ìdá 1 nínú FOB nígbà náà, èyí jẹ́ 120,000. Orí àpapọ̀ iye ẹrù àti gbogbo owó wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé VAT ìdá 7.5 lé. Bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, àpapọ̀ náà jẹ́ 16,132,800, VAT rẹ̀ sì jẹ́ 1,209,960. Nítorí pé àfikún tirẹ̀ ti wú, VAT tirẹ̀ di 1,278,000. Gbogbo owó ìjọba tó yẹ kí a san jẹ́ 2,942,760. Òun kọ 3,918,000. Náírà 975,240 ló fi lé wa lórí láti inú ìlà kan ṣoṣo.

Èkejì ni owó ọkọ̀ ojú omi. Nísàlẹ̀ ìwé, lẹ́yìn owó ìjọba, ó tún kọ náírà 2,250,000 sílẹ̀ fún owó ọkọ̀, ìyẹn dọ́là 1,500 kan náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èyí jẹ́ jìbìtì o. Owó ọkọ̀ tó wà nínú CIF wà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí iye tí wọn yóò gbé owó ibodè lé ni. Bí a kò bá tíì san án fún ẹnikẹ́ni, a ṣì gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ti gba owó ọkọ̀ mọ́ owó ọjà, ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sì ní FREIGHT PREPAID lára, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti san án kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ FREIGHT COLLECT ni ẹ rí, a jẹ́ pé gbèsè náà ṣì wà nílẹ̀.

Owó ìgbàkẹ́rù jáde tó kù, ẹ má gbà á ní odidi. Owó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti ti èbúté ní rìsíìtì, iṣẹ́ ajẹ́ńtì ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, lọ́rì láti Èkó sí Adó sì ní iye tí ẹ lè bi àwọn onílọ́rì fúnra wọn.

A bi ajẹ́ńtì yìí nípa àfikún náà. Ó ní bí Kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe kọ ọ́ nìyẹn. A wá béèrè fún PAAR ẹrù náà, ìyẹn ìwé tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń sọ iye àti ìdá tí wọ́n gbà kí ẹrù tó dé, pẹ̀lú rìsíìtì owó ibodè láti báńkì. Ìgbà yẹn ló ní ẹni tó tẹ ìwé ló ṣi ọwọ́ tẹ̀, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ tí àfikún rẹ̀ jẹ́ 100,800. Ǹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́ fi ìwé tirẹ̀ hàn mí, tí àfikún ìdá 7 náà jókòó lórí CIF. Ọwọ́ kan kì í ṣì tẹ̀ síbi kan náà fún ẹni méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìṣirò mọ. Ìwé lè pé láti òkè dé ilẹ̀, kí iye tó wà lórí rẹ̀ má sì jẹ́ iye tí ajẹ́ńtì sọ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó lè sọ dọ́là 5,000 fún wọn, kí ó sì fi 9,600 gba owó lọ́wọ́ yín. Bákan náà, Kọ́sítọ́ọ̀mù lè má gba iye tí ẹ rà á, kí wọ́n gbé e sókè, ajẹ́ńtì olóòótọ́ yóò sì béèrè owó tó ju èyí tí ẹ ṣírò lọ. Nínú méjèèjì, PAAR àti rìsíìtì báńkì ni yóò fi òtítọ́ hàn. Ẹ wo iye dọ́là pẹ̀lú: láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí a máa lo iye ọjọ́ tí wọ́n ṣí Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a ń ṣí ní báńkì láti kó ẹrù wọlé, títí ẹrù yóò fi jáde, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lójú pópó. Ìjọba sì máa ń yí àwọn ìdá wọ̀nyí padà, nítorí náà èyí tó wà lórí ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ẹrù yín ni kí ẹ fi ṣírò.

Ẹgbẹ́ wa ti san 2,942,760 náà àti àwọn owó tó ní rìsíìtì. Ajẹ́ńtì náà ṣì ń béèrè owó ọkọ̀, àwa náà sì ṣì ń béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹnì kan jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá a ṣòwò láti ọdún 2024, ẹ yọ ìwé yín jáde, kí ẹ wo ìlà àfikún yẹn lónìí.