Àpapọ̀, àsomọ́ tàbí pọtifólíò: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé lórí?

Ọ̀nà mẹ́ta nìyí tí a fi ń kó fáìlì púpọ̀ sínú PDF kan. Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù kan wọ̀n wọ́n, irú èyí tí mo máa ń dì fún kọngílá tó ń wá iṣẹ́: lẹ́tà ojú ewé méjì, ìṣirò owó lórí Excel, àwòrán ilé mẹ́ta, àti ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ti buwọ́ lù lórí kọ̀ǹpútà.

Àpapọ̀ kò gba owó; bí ẹ bá ti sọ gbogbo fáìlì di PDF, ètò `pdfunite` ń pa wọ́n pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹ̀ á di ojú ewé tó tẹ̀ léra, fóònù èyíkéyìí á ṣí i, a sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ Excel á ti di òǹkà lásán: oníbàárà kò lè yí iye símẹ́ńtì padà kó rí bí àròpọ̀ ṣe yí. Ìbuwọ́lù orí ìwé ẹ̀rí náà á bàjẹ́, torí fáìlì yẹn gan-an bó ṣe wà ló ń jẹ́rìí sí.

Àsomọ́ ní tiẹ̀ máa ń fi lẹ́tà sílẹ̀ bí PDF lásán, yóò sì gbé àwọn tó kù sínú rẹ̀ láìyí wọn padà. Èyí náà kò gba owó:

```
qpdf leta.pdf --add-attachment owo.xlsx -- tenda.pdf
qpdf --list-attachments tenda.pdf
```

Ìlà kejì ni ẹ fi máa mọ̀ pé ó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé fáìlì wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí `Attachments` wò. Bí ẹnì kan bá sì fi "Print to PDF" ṣe ẹ̀dà, àsomọ́ á já sílẹ̀.

Pọtifólíò ló ń mú èèyàn ra Acrobat Pro. Ó dà bí fódà tó ní èèpo: kò sí fáìlì tó jẹ́ ọ̀gá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láyè ara rẹ̀, ìbuwọ́lù sì wà digbí. Ẹni tó ń gbà á kò nílò ju Acrobat Reader ọ̀fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Reader gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ rí, oníbàárà ṣí i nínú buráúsà fóònù rẹ̀, ojú ewé kan péré ló rí, tó ní kó lọ lo Acrobat. Ó rò pé òfìfo ni mo fi ránṣẹ́, ó sì dùn mí gan-an. Àwọn ibòmíràn ò tiẹ̀ gbà á rárá: NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn tó ń tọrọ owó ìwádìí pé kí wọ́n má lò ó.

Nítorí náà, bí lẹ́tà bá jẹ́ olórí tí ìyókù ń tì í lẹ́yìn, àsomọ́ ni kí ẹ lò, ẹ má ná kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ pa á pọ̀. Ẹ ra Acrobat Pro fún pọtifólíò bó bá jẹ́ pé léraléra lẹ ń di ìwé tí a ti buwọ́ lù àti Excel pọ̀ fún ọ́fíìsì tó ń lo Reader. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣí PDF.