Kí ìpè ìpàdé wọ kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀, àbí kó dúró dè ọ́?

Níbi tí Google Calendar kọ "Add invitations to my calendar" sí, "When I respond to the invitation in email" ni mo kọ́kọ́ yàn, torí ìpè àwọn oníjìbìtì ti sú mi. Kàlẹ́ńdà mi mọ́ tónítóní, àmọ́ mímọ́ yẹn ló tàn mí. Oníbàárà kan ní Ìkẹjà fi ìpè aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ padà pé, "Ẹ ṣé sà, mo ń bọ̀," n kò tẹ "Yes". Kàlẹ́ńdà kì í ka irú èsì bẹ́ẹ̀ sí, àyè náà ṣì ṣófo. Ni mo bá tún fi aago mẹ́wàá kan náà fún ẹlòmíràn ní Ìkòròdú níbí.

"Only if the sender is known" ni mo ń lò báyìí. Ìpè ẹni tí mo mọ̀ á ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dáhùn. Ti àjèjì ṣì ń dúró nínú ímeèlì, nítorí náà mo ń wò ó láràárọ̀.

Méjèèjì kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì Méjìlá o! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ya wákàtí méjì ṣáájú sọ́tọ̀.