Oṣù 12 tàbí oṣù 13: kàlẹ́ńdà Júù àti ti Mùsùlùmí

Òṣùpá ni kàlẹ́ńdà méjèèjì fi ń ka oṣù, oṣù 12 sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, èyí tí ó fi bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún oòrùn. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọjọ́ 11 yìí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti Mùsùlùmí kò fi oṣù kankan kún un. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2023, fi padà sí ọjọ́ 11 oṣù kan náà ní 2024. Ẹni tí ó bá pẹ́ láyé yóò gba á nígbà ọyẹ́, yóò sì gba á nígbà òjò.

Àwọn Júù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òfin Mósè so Àjọ̀dún Ìrékọjá mọ́ oṣù Ábíbù, nígbà tí ọkà bálì ń gbó ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Nítorí náà, láàárín ọdún 19, wọ́n ń fi odindi oṣù kún ọdún lẹ́ẹ̀méje: ní ọdún 3, 6, 8, 11, 14, 17 àti 19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 235, tí ó fi nǹkan bí wákàtí méjì péré ju ọdún oòrùn 19 lọ.

Ẹ wo ọdún wọn 5784. Bí a bá fi 19 pín in, 8 ni yóò ṣẹ́ kù, nítorí náà ó gba àfikún: oṣù Ádárì kìíní, ọlọ́jọ́ 30, ṣáájú Ádárì gan-an. Ìrékọjá bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Láìsí àfikún náà, ìparí oṣù Kẹta ni ì bá bọ́ sí, ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ì bá sì wọ inú ìgbà òtútù.

Wákàtí méjì yẹn kò ṣàìní ipa: ní nǹkan bí ọdún 216, ó ń sún àjọ̀dún síwájú ní ọjọ́ kan.