Oṣù mẹ́ta tí mo fi áàpù wọ aṣọ fún kọ́sítọ́mà lórí fọ́tò: ibi tó dáa sí àti ibi tó ti ń parọ́

Télọ̀ ni mí, Lágere nílé-Ifẹ̀ ni sọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò ní dárúkọ áàpù yìí torí mi ò fẹ́ wàhálà, àmọ́ mo ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ máa fún un ní fọ́tò kọ́sítọ́mà, fọ́tò aṣọ, àti sítáìlì tí ẹ yà síwèé, kò ní pẹ́ táá fi gbé kọ́sítọ́mà jáde bíi pé ó ti wọ̀ ọ́.

Àǹtí kan tó ń ṣègbéyàwó ọmọ ní Iléṣà gbé aṣọ òkè wá, gáùnù ni wọ́n fẹ́, kó fún wọn ní wéèsì kó wá fẹ̀ nísàlẹ̀. Wéèsì wọn jẹ́ ínṣì 40, hípù 47. Nígbà tí áàpù gbé tiẹ̀ jáde ni wọ́n pariwo, "Háà, Ìyá Tóbi, èmi rèé?" Inú èmi náà dùn o, àfìgbà tí mo wò ó dáadáa tí mo rí i pé kì í ṣe àwọn.

Mo mú rúlà, mo wọn ojú fóònù. Nínú fọ́tò tí mo yà wọ́n gangan, láti èjìká dé èjìká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, bẹ́ẹ̀ tépù fún mi ní ínṣì 16 lára wọn, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí fóònù dúró fún ínṣì 4. Fífẹ̀ wéèsì níwájú jẹ́ 3.6. Nínú èyí tí áàpù ṣe, èjìká ṣì jẹ́ 4 àmọ́ wéèsì ti di 2.9, ẹ gbọ́ o, ó ti gé bí ínṣì mẹ́ta dànù níwájú nìkan! Fọ́tò àwọn módẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ ló pọ̀ nínú èyí tí irú áàpù báyìí fi kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ń fa gbogbo èèyàn lọ. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó ní òun ò ní fọwọ́ kan ara, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣì gé e.

Aṣọ gan-an wá lọ́rọ̀ tiẹ̀. Bí aṣọ òkè bá wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú fọ́tò, àwọ̀ àti ọnà ẹ̀ nìkan ni áàpù rí, kò mọ̀ pé ó le, kò mọ̀ pé ó wúwo, ló bá jẹ́ kó máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi sátínì. Ọ̀já tiwa fẹ̀ tó ínṣì 4, torí náà ó yẹ kí ọ̀já kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà kan lórí fóònù, àmọ́ ìdajì ìyẹn ló yà, níbòmíì ojú rírán ò tiẹ̀ sí rárá. Mo di aṣọ náà mú níbì kan ṣoṣo, mo jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, mo ya fọ́tò ẹ̀: ìṣẹ́po ńlá mẹ́ta péré ló ní. Ti áàpù ní bíi mẹ́sàn-án wẹ́wẹ́. Aṣọ tó le báyẹn á dúró gbagidi bí agboòrùn ni, kò ní wálẹ̀.

Nísinsìnyí, fọ́tò tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn ni mo máa ń fún un, kì í ṣe ti orí tábìlì. Mo sì máa ń gbé fóònù sí ìwọ̀n wéèsì kọ́sítọ́mà, màá sún sẹ́yìn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 10, torí béèyàn bá yà á látòkè, ìsàlẹ̀ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe ìró àti bùbá, kí áàpù má baà máa méfò ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Bùrọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n fi ń kun ibi tó lè yí padà: mo kun àárín ara nìkan, mo tọ etí wéèsì gẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ tó ń fẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó jáde síta. Ìgbà kẹrin ni mo tó rí 3.5 fún wéèsì, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn aṣọ, ẹ má gbà á gbọ́ rárá tí ẹ ò bá fún un ní fọ́tò ẹ̀yìn, àbá ló ń dá. Kò sì lè sọ bóyá aṣọ á fún èèyàn tó bá jókòó. Dátà tó ń jẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo fi èyí tó jẹ́ òótọ́ han Àǹtí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé báyìí ló ṣe máa gba gbogbo ojú ọ̀nà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. La bá gbé fífẹ̀ yẹn kúrò ní hípù wá sí orúnkún, mo sì dín in kù, mi ò tíì gé nǹkan kan nígbà yẹn o, ibi tí áàpù ti gbà mí gan-an nìyẹn, torí bí mo bá ti ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ òkè yẹn, owó ta ni?

Wọ́n wá gba aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá wọn mu. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sáwọn, àwọn fẹ́ lò ó sí Wásáàpù. Mo ní mo ti pa á rẹ́, mà.