Sípílítà ₦1,500 tí mo rà kí láptọ́ọ̀pù lè gbọ́ ohùn mi

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Jámbù lórí ẹ̀rọ ayélujára lálaalẹ́, láti yàrá mi níbí ní Adó-Èkìtì. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó díẹ̀, ó sì ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan ní àwòrán íápíìsì, èkejì ní àwòrán máìkì. Íápíìsì fóònù mi, tó ní máìkì lára wáyà, ni mo ń lò. Mo máa ń kì í bọ ihò àkọ́kọ́, mo ń gbọ́ àwọn ọmọ ketekete, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò ṣáá: "Mà, jẹnẹrétọ̀ là ń gbọ́, a ò gbọ́ yín."

Mo ti rò pé máìkì náà ti kú. Nígbà tí mo fi í sínú fóònù, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ni mo bá ṣí `mmsys.cpl`, ibi tí wọ́n ti ń tún ètò ohùn Windows ṣe, lórí láptọ́ọ̀pù, mo lọ sí `Recording`, mo sì ń wo ilà aláwọ̀ ewé tó máa ń gòkè bí ohùn bá wọlé. Mo fi ìka kan máìkì ara wáyà, ilà náà ò mira. Mo kan ara láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ó fò sókè. Máìkì inú láptọ́ọ̀pù ló ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá! Abájọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi ń bá mi kọ́ ìṣirò.

Mo wá yọ ọ́, mo kì í bọ ihò máìkì. Ìyẹn tún burú jù. Èmi ò gbọ́ wọn mọ́, àwọn náà ò gbọ́ mi.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òkèṣà ló là mí lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára irin ẹnu rẹ̀." Mo kà á, mẹ́ta ni. Òrùka dúdú wọ̀nyẹn ló ń ya irin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí náà bí òrùka bá jẹ́ mẹ́ta, ojú irin mẹ́rin ló wà. Òrùka kan, irin méjì: mónò nìyẹn, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbé. Òrùka méjì, irin mẹ́ta: sítẹ́rió, etí òsì, etí ọ̀tún, àti irin tí iná àwọn méjèèjì ń gbà padà. Ti èmi fi irin kan kún un fún máìkì.

Lára íápíìsì fóònù òde òní, ṣónṣó orí ni etí òsì, irin tó tẹ̀ lé e ni etí ọ̀tún, ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àbọ̀ iná, èyí tó wà nídìí pátápátá ni máìkì. Ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù mi kò ní wáyà kankan tó ń gba ohùn wọlé, nítorí náà máìkì mi kò rí ibi sọ̀rọ̀ sí. Ihò máìkì ní tirẹ̀, ibi ṣónṣó orí ló ti ń retí ohùn, etí òsì ló sì bá níbẹ̀.

Sípílítà, wáyà kékeré tó ń ya ọ̀nà íápíìsì àti ti máìkì sọ́tọ̀, ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí mo kọ́kọ́ ra èyí tí kò yẹ. Ọlọ́jà kan gbé èyí tó ní ẹnu kan àti ihò méjì fún mi. Ti ẹni méjì tó fẹ́ jọ gbọ́ orin lórí fóònù kan nìyẹn, òrùka méjì péré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ ní ihò kan àti ẹnu méjì: íápíìsì yóò wọ inú ihò náà, ẹnu méjèèjì yóò wọ láptọ́ọ̀pù. Òrùka méjì méjì ló wà lára ẹnu kọ̀ọ̀kan. Lára tèmi, aláwọ̀ ewé ni ti íápíìsì, píńkì ni ti máìkì.

Mo kì wọ́n bọ̀ ọ́, mo kan máìkì, ilà fò sókè. Mo kan ara láptọ́ọ̀pù, kò mira mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó dárúkọ jẹnẹrétọ̀.

Mo ti lò ó fún oṣù méjì. Wáyà rẹ̀ kúrú, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, ẹnu píńkì sì máa ń yọ díẹ̀ bí mo bá yíjú. Mo ti fi sẹ́lótéèpù dì í. Mo dán íápíìsì àtijọ́ kan wò lára rẹ̀, ohùn akọrin pòórá, ìlù nìkan ló kù bí ẹni pé inú kànga ló ti ń wá. Àfi ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ara wáyà mọ́lẹ̀ ni orin tó pé. Irú àtijọ́ yẹn fi máìkì sí ipò kẹta, ó wá fi àbọ̀ iná sí ìdí, sípílítà yìí ò sì lè tún un tò. Bí láptọ́ọ̀pù tiyín bá jẹ́ oníhò kan, tí àwòrán íápíìsì ibẹ̀ sì ní máìkì lára, ẹ má ra á rárá. Kíkì lásán ti tó. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, nítorí sẹ́lótéèpù yẹn.