Camry Mọ́súlù 2007 sí 2009: 2.4 ni àbí V6?

2.4 tàbí 3.5 tí àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ ń pè kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe iye epo tó ń mu. Àyè tí písítìnì ń gbá lọ gbá bọ̀ nínú sílíńdà ni, tí a bá ro ti gbogbo sílíńdà pọ̀. Èèyàn lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2.4, ẹnu sílíńdà fẹ̀ tó mílímítà 88.5, písítìnì sì ń rin mílímítà 96. Ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ntímítà, ẹ fi 0.7854 tí a fi ń ṣírò àyè ohun róbótó kún un, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin fún sílíńdà mẹ́rin:

```
0.7854 × 8.85 × 8.85 × 9.6 = 590.5
590.5 × 4 = 2362
```

Sẹ̀ntímítà kúbíìkì 2362 nìyẹn, ó sún mọ́ lítà 2.4, òun ni wọ́n fi ń pè é ní 2.4. Ti V6, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 94, ìrìn písítìnì jẹ́ 83, mẹ́fà wọn sì jẹ́ 3456. Ẹyọ sílíńdà kan nínú V6 kò tiẹ̀ tó ti 2.4, pípọ̀ ni wọ́n fi jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe to sílíńdà ló máa ń hàn nínú owó mẹkáníìkì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 2.4 tò tẹ̀lé ara wọn, pọ́lọ́ọ̀gì wọn wà lókè gbangba. Ti V6, mẹ́ta kọjú síwájú, mẹ́ta fara pamọ́ sẹ́yìn, àfi kí wọ́n tú ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan á pààrọ̀ ti iwájú nìkan, wọ́n á gba owó mẹ́fà! Ẹ ní kí wọ́n kó pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé yín lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń jágbà, tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò sì gbé P0301, P0303 tàbí P0305 jáde, ti ẹ̀yìn ni. Ẹ tún wo páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, lára V6 náà: ti àkọ́kọ́ ní rọ́bà láàárín, bó bá bẹ́, ọ́ìlì á dà nù kíákíá. Onírin pátá ni kí ẹ rà.

Subaru Forester 2.5 tún yàtọ̀. Méjì sùn sí ọ̀tún, méjì sí òsì, 2457 ni. Ó ń di ilẹ̀ mú dáadáa ní kọ́nà, nítorí ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àmọ́ tọ́ọ́pù sílíńdà méjì ló ní, omi àti ọ́ìlì sì máa ń jò ní etí ìsàlẹ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ tẹ̀ ba wò ó lábẹ́ ọkọ̀.

Fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, 2.4 ni màá mú, bí ríìngì písítìnì rẹ̀ bá pé. Àìsàn rẹ̀ nìyẹn: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì máa ń dí, ọ́ìlì á wá máa jóná. Kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ tó ṣíná. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá jáde ní sàlẹ́ńsà, tí géèjì sì ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ owó ríìngì àti písítìnì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.