"Presence" àbí "Presence or interest": èwo ni ká mú nínú Google Ads?

Tówó ìpolówó bá ń lọ síbi tẹ́ ò lè dé, "Location options", níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ẹni tí ìpolówó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní ìlú tẹ́ ẹ mú, ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. "Presence or interest" ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́ ò bá fọwọ́ kàn án, ó sì ń gbé ìpolówó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókèèrè tó kàn ń wá nǹkan nípa ìlú yín, ẹ ó sì sanwó kílíìkì ẹ̀. "Presence" ní tiẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ tàbí tó máa ń wà níbẹ̀ déédéé ló ń wá, èrò á dín kù, ó sì lè ṣìnà nígbà míì. Ẹ ṣí rípọ́ọ̀tì tó ń sọ ibi táwọn tó kílíìkì wà gan-an, kẹ́ẹ wo ìlú tó ń jẹ owó láìsí oníbàárà. Púlọ́ńbà? "Presence" ni. Hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, àlejò ṣì wà nílùú tiẹ̀ tó bá ń wá yàrá, ẹ jẹ́ kí "Presence or interest" wà níbẹ̀.